Ààrò Mẹ́ta Inú Ìwé Ẹrù

Láyé àtijọ́, kí alájàpá tó wọ ìlú, ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ibodè. Oníbodè á bi í pé kí ló rù, á wo ẹrù náà, á sì gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n kílò lẹ́nu ibodè nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú oníbodè kì í ṣe ojú lásán. Bí alárù bá ní òwú ni òun rù, tí ọrùn rẹ̀ wá rì mọ́ èjìká, tí òógùn bo ojú rẹ̀, oníbodè mọ̀ pé òwú nìkan kọ́ ló wà nínú agbọ̀n yẹn. Ẹnu ń sọ ọ̀tọ̀, ọrùn ń sọ ọ̀tọ̀.

Àwọn aṣọ́bodè tó wà ní ebúté Àpápá lónìí kì í rí ọrùn alárù mọ́. Kòńténà onírin tí wọ́n ti tì pa ló ń bọ̀ látorí òkun, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo sì lè já ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tú gbogbo wọn wò. Kò tilẹ̀ yẹ kí wọ́n tú gbogbo wọn, torí iye ọjọ́ tí ẹrù bá fi jókòó sí ebúté, owó ni oníṣòwò ń san lé e lórí, àwa tá à ń ra ọjà lọ́jà la ó sì san án padà. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ẹni tó bá mọ ìwé náà kà lè jókòó sórí àga, láì fọwọ́ kan ẹrù rárá, kó sì mọ èyí tí ọrùn rẹ̀ rì.

Ìwé ìkéde ẹrù ni wọ́n ń pè é. Òun ni ẹni tó kó ọjà wọlé, tàbí ajẹ́ńtì tó ń bá a kó ẹrù jáde, fi ń jẹ́wọ́ fún ìjọba pé, ohun báyìí ni mo kó dé, iye báyìí ni mo rà á. Àyè tí wọ́n ń kọ nǹkan sí nínú rẹ̀ pọ̀, àmọ́ mẹ́ta ló gbé ìwé náà ró: ìwọ̀n ẹrù ní kílò, iye owó ọjà, àti ìsọ̀rí tí ọjà náà bọ́ sí. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí rí. Bí wọ́n bá ga dọ́gba, ìkòkò á jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ sábà máa ń gé ọ̀kan kúrú, á sì gbàgbé pé méjì yòókù ṣì dúró síbi tí wọ́n wà.

Ibi tí wọ́n ti ń gé e ní ìdí. Owó ibodè kì í ṣe iye kan náà fún gbogbo ẹrù. Wọ́n á kọ́kọ́ ro iye tí ọjà jẹ́ títí tó fi dé ebúté wa:

```
CIF = FOB + owó ọkọ̀ + owó ìdójútòfò
```

FOB ni iye ọjà náà nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ní ìlú òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo ìsọ̀rí ọjà, kí wọ́n tó mọ ìdá tí wọ́n máa gbà nínú CIF yẹn. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, láti ọdún 2015, ìpele márùn-ún ló wà: òdo, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí iléeṣẹ́ máa fi ṣe nǹkan mìíràn sábà máa ń wà nísàlẹ̀, ọjà tó ti parí, tí èèyàn kàn máa rà lò, á wà lókè. Ọ̀nà méjì ló wá yá fún ẹni tí kò fẹ́ san owó pé: kó dín iye owó kù, tàbí kó yí orúkọ ọjà padà. Ìwọ̀n kì í sábà mú owó jáde ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í rántí láti purọ́ nípa rẹ̀ dáadáa. Ìwọ̀n ni ọrùn alárù.

Ẹ jẹ́ ká mú kòńténà kan. Èmi ni mo kó iye inú rẹ̀ jọ láti fi ṣàlàyé, kì í ṣe ẹrù ẹnì kankan. Aṣọ Áńkárá ló wà nínú rẹ̀, torí kò sí ilé Yorùbá tí wọn ò ti mọ bí Áńkárá ṣe rí lọ́wọ́. Kòńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 ni. Ìwé rẹ̀ sọ pé bélì 400 ló wà nínú rẹ̀, pé ìdì 25 ló wà nínú bélì kọ̀ọ̀kan, yáàdì méjìlá ní ìdì kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìdì 10,000. Ìwọ̀n ẹrù tòun ti ohun tí wọ́n fi dì í jẹ́ kílò 25,200, ìwọ̀n aṣọ nìkan jẹ́ kílò 24,600. Iye tí wọ́n rà á jẹ́ dọ́là 21,600. Ìsọ̀rí rẹ̀: aṣọ òwú tí wọ́n tẹ àwòrán sí.

Bí èèyàn bá kàn ka ìwé náà lọ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bélì 400 nínú kòńténà ńlá, ó bójú mu. Ohun tí wọ́n fi di bélì kan jẹ́ kílò kan àbọ̀, ìyẹn náà bójú mu. Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá fi ọ̀kan pín èkejì ni ọ̀rọ̀ yípadà.

```
24600 ÷ 10000 = 2.46 kg
21600 ÷ 24600 = 0.88 dọ́là
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé ìdì Áńkárá kan wúwo tó kílò 2.46. Ìlà kejì sọ pé kílò aṣọ kan jẹ́ sẹ́ǹtì 88. Gbogbo iṣẹ́ yíyẹ ìwé wò kò ju irú ìpín yìí lọ: ìwọ̀n lórí iye ọjà, owó lórí ìwọ̀n, owó lórí iye ọjà. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é fún wọn báyìí, ó sì ń ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ ohun tí Áńkárá ń wọ̀n. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí mo fi gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta Áńkárá ní ọjà Balógun. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, yáàdì la fi ń wọn aṣọ níbí o, a kì í fi kílò wọ̀n ọ́n." Mo ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fa ìdì yáàdì méjìlá kan yọ láàárín èyí tí wọ́n tò, aṣọ òwú gidi, èyí tó ń dún wàràwàrà nígbà tí wọ́n bá ṣí i. A gbé e lé òṣùwọ̀n. Kílò 1.64. A tún gbé méjì mìíràn, wọn ò jìnnà sí i. Ìyá náà wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdì kan sókè sódò, wọ́n ní, "Èyí tó bá wúwo ju báyìí lọ, mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi sí i." Ọdún tí wọ́n ti fi ta aṣọ ti sọ ọwọ́ wọn di òṣùwọ̀n.

Ẹ wá fi kílò 1.64 yẹn pín kílò 24,600. Ìdì 15,000 ló jáde. Ìwé sọ pé 10,000. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ òtítọ́, ìdì 5,000 wà nínú kòńténà tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ. Bí iye ìdì bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé aṣọ yìí nípọn ju Áńkárá tí a mọ̀ lọ, tàbí kí nǹkan mìíràn wà láàárín rẹ̀. A kò tíì mọ èyí tó jẹ́. A kàn mọ̀ pé méjèèjì kò lè jẹ́ òtítọ́ pa pọ̀, bó bá ṣe pé Áńkárá lásán ló wà níbẹ̀.

Sẹ́ǹtì 88 ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Òwú oko, èyí tí wọ́n ti yọ kóró inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ran, tí a ò tíì hun, ní iye lágbàáyé. Ká fi í sí dọ́là kan àti ọgọ́ta sẹ́ǹtì fún kílò kan. Ẹ fi ìyẹn lọ́po kílò 24,600: òwú nìkan, láìsí owó òǹrànwú, láìsí owó ahunṣọ, láìsí aró àti iná mànàmáná, á gba dọ́là 39,360. Ìwé tó wà níwájú wa ní dọ́là 21,600 ni òun ra aṣọ tó ti parí, tí wọ́n ti tẹ òdòdó àti ẹyẹ sí lára, tí wọ́n ti ká, tí wọ́n ti dì ní bélì. Kò sí aládìrẹ kan ní Abẹ́òkúta tó máa ta aṣọ ní ìdajì owó tó fi ra tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, kó tún fi aró àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ta á lọ́rẹ.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ iye owó wò, èyí ni mo fọkàn tán jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fi iye tí ẹlòmíràn san ní oṣù tó kọjá wé iye tí oníṣòwò kọ, ìyẹn sì wúlò, àmọ́ bí gbogbo ẹni tó ń kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá ti ń purọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, irọ́ wọn ló máa di òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá wá sọ òtítọ́ láàárín wọn ni ẹ̀rọ máa fura sí. Iye ohun tí wọ́n fi ṣe ọjà kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé. Ilẹ̀ tó le ni, tí a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé bóyá kì í ṣe òwú ni. Ọ̀rọ̀ gidi ni, òun ló sì gbé wa dé orí ààrò kẹta.

Gbogbo ọjà tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ló ní nọ́ńbà. Láti ọdún 1988 ni ètò nọ́ńbà yìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, HS ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ jọ ara wọn ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lò ó, kí orílẹ̀-èdè kálukú tó fi tirẹ̀ kún un. Ti Nàìjíríà jẹ́ mẹ́wàá. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé Áńkárá wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5208.52. A lè kà á bí oríkì. 52 ni agboolé òwú. 5208 ni ojúlé aṣọ tí òwú inú rẹ̀ kò dín ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, tí mítà onígun mẹ́rin rẹ̀ kan kò sì wúwo ju gíráàmù 200 lọ. 52 ẹ̀yìn rẹ̀ ni yàrá aṣọ tí wọ́n hun ní ìhun ọ̀kan-lé-ọ̀kan, tí wọ́n tẹ àwòrán sí, tó sì wúwo ju gíráàmù 100 lọ ní mítà onígun mẹ́rin.

Ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀n wà nínú orúkọ ọjà fúnra rẹ̀. Aṣọ òwú tó bá wúwo ju gíráàmù 200 kò gbé ojúlé yẹn mọ́, ó ti kó lọ sí 5209, níbi tí aṣọ jíǹsì wà. A lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Fífẹ̀ Áńkárá jẹ́ íǹṣì 46, yáàdì méjìlá rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 13. Ìdì ti ìyá ọjà Balógun jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 128 ní mítà kan. Ti inú ìwé jẹ́ 192. Méjèèjì ṣì gbé nínú ojúlé 5208, nítorí náà nọ́ńbà náà kò tako ìwọ̀n. Àmọ́ gíráàmù 192 ti ń kan ilẹ̀kùn jíǹsì, Áńkárá kì í sì í rí bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ pólíẹ́sítà ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn Áńkárá olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà, a jẹ́ pé agboolé rẹ̀ kì í ṣe 52 rárá. Àwọn tí wọ́n fi fọ́nrán oníke gígùn hun ń gbé ní 54. Fọ́nrán oníke kò wọ́n tó òwú oko, nítorí náà sẹ́ǹtì 88 yóò dín ní ohun ìyanu, bó tilẹ̀ ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbà pé nọ́ńbà tí òun kọ kì í ṣe nọ́ńbà ọjà òun. Ó ti gbé ààrò kan sókè, ó ti ré èkejì lulẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ nìyẹn: wọn ò ní láti mọ èyí tó jẹ́ irọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀.

Irọ́ ìsọ̀rí máa ń wá ní àwọ̀ púpọ̀. Aṣọ tí wọ́n ti tẹ àwòrán sí lè wọlé gẹ́gẹ́ bí aṣọ funfun tí iléeṣẹ́ máa lọ tẹ̀. Òkìrìkà, tí òfin Nàìjíríà kò gbà kó wọlé, lè wá bí aṣọ tuntun, àmọ́ bélì òkìrìkà ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń dì í sí, kílò 45 tàbí 55, ojú tó bá ti mọ̀ ọ́n yóò dúró tó bá rí i. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ purọ́, wọn kì í kàn sọ nǹkan kan: "ẹrù ilé", "oríṣiríṣi ọjà", "ohun èlò". Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí bẹ́ẹ̀, aṣọ́bodè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó kọjá láì béèrè, torí kò sí ohun tí èèyàn lè fi pín ìwọ̀n rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìwé tí kò bára mu ló jẹ́ iṣẹ́ olè, mo sì fẹ́ kí èyí ye wá dáadáa, torí àwọn oníṣòwò tí ọwọ́ wọn mọ́ ti jìyà púpọ̀ nítorí àṣìṣe akọ̀wé. Àṣìṣe ní ojú tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ìwọ̀n inú ìwé bá fi ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ju ohun tó yẹ lọ, bíi 2.2, ẹ lọ wò ó bóyá páùn ni wọ́n kọ níbi tó yẹ kí wọ́n kọ kílò, torí kílò kan jẹ́ páùn 2.2. Bí owó bá fi bí ìlọ́po méje ga jù, tó jẹ́ ọjà Ṣáínà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n da owó yúánì sínú àyè dọ́là. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló fi yẹ̀, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, yáàdì àti mítà ló dàrú mọ́ra wọn. Bí ìwọ̀n ọjà nìkan àti ìwọ̀n tòun ti àpò bá jẹ́ iye kan náà, ọ̀lẹ ló kọ ọ́, kò wọn ohun kan, ó kàn da ọ̀kan kọ sí àyè méjèèjì. Ti Áńkárá wa ńkọ́? 2.46 jẹ́ 1.64 lọ́nà kan àbọ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ìwọ̀n kan tó jẹ́ kan àbọ̀ ìwọ̀n mìíràn nínú èyí tí wọ́n ń fi ṣòwò aṣọ.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe kílò 25,200 gan-an ló jẹ́ àṣìṣe? Ẹlòmíràn wà tó ti wọn kòńténà náà, kò sì wọ̀n ọ́n nítorí aṣọ́bodè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2016, òfin ààbò ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé ti sọ pé kò sí kòńténà ẹlẹ́rù tó gbọ́dọ̀ wọnú ọkọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wúwo kó lè gbé e sísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ lè fì lórí òkun, kòńténà á sì wó sómi. Ìwọ̀n yìí kan kòńténà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Kòńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 tó ga, bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, wúwo tó bíi kílò 3,900. Bí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé kílò 29,100 ni òun gbé, tí a yọ 3,900 kúrò, kílò 25,200 ló kù. Ìwọ̀n inú ìwé ìkéde jẹ́ òtítọ́ nìyẹn. Ààrò kan ti dúró ṣinṣin, a sì lè fi í wọn méjì yòókù.

Bí oníṣòwò bá gé ìwọ̀n kúrú pẹ̀lú, ìwé ọkọ̀ ni yóò tú u fó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n nínú wọn kì í fi í fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ọ̀nà yìí kò ti ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ wà o. Irun tí àwọn obìnrin ń ṣe sórí fúyẹ́, ó sì wọ́n. Fóònù pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀. Àpò kan lè wúwo kílò 20 kó jẹ́ ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan, àpò kejì tó wúwo bákan náà kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, kí méjèèjì sì jẹ́ òtítọ́. Fún irú ọjà bẹ́ẹ̀, owó lórí kílò kò sọ púpọ̀. Iye ọjà àti irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí èèyàn béèrè.

Kòńténà àdàpọ̀ ló le jù. Oníṣòwò mẹ́wàá lè dáwó jọ gba kòńténà kan, ìkòkò ìdáná, bàtà, gílóòbù iná, aṣọ títa. Bí a bá pín gbogbo owó lórí gbogbo ìwọ̀n, iye tó jáde yóò dà bí ohun tó dára, torí ìkòkò irin tó wúwo ti fara bo ohun olówó gọbọi tó fúyẹ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n yẹ̀ wò lọ́tọ̀. Ohun kan tún wà tí mo kà sí àmì tó dájú: ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn. Àpapọ̀ ìwọ̀n gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ọkọ̀ mu, nítorí náà ẹni tó ń hùmọ̀ ìwọ̀n láti orí rẹ̀ á kọ 1,500, á kọ 2,000, á kọ 3,500, ìgbà tó bá dé ìlà ìkẹyìn ló máa wá kọ 4,137 kí ìṣirò lè pé. Ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀ lé òṣùwọ̀n ní tòótọ́, gbogbo ìlà rẹ̀ ló máa ń ní irú nọ́ńbà tí kò gún bẹ́ẹ̀.

Irọ́ kan tún wà tó ń rìn sí òdìkejì, tí ẹni tó bá ń wá owó kékeré nìkan kò ní rí. Lórí ọjà tí owó ibodè rẹ̀ jẹ́ òdo tàbí 5, àwọn kan máa ń kọ iye tó ga ju òtítọ́ lọ, torí ìwé yẹn ni wọ́n máa gbé lọ sí báńkì fi gba dọ́là láti fi ránṣẹ́ sókè òkun. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi pawọ́ omi tó wúwo kílò 30, tí ìwé ní ó jẹ́ dọ́là 9,000, tí ìkejì rẹ̀ kò ju 300 lọ, owó ló ń sá kúrò nílùú nínú rẹ̀. Ìpín kan náà ló ń tú u fó.

Padà sórí Áńkárá. Ìwé kò bára mu, kí ló kàn? Aṣọ́bodè kò gbọ́dọ̀ kàn fagi lé dọ́là 21,600 kó kọ iye tó wù ú. Nàìjíríà wà nínú àjọ ìṣòwò àgbáyé, àdéhùn àjọ náà lórí iye ọjà sì sọ pé iye tí oníṣòwò san ní tòótọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò. Bí wọ́n bá fura sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi ń fura, kí wọ́n fún un láyè láti mú ẹ̀rí wá: ìwé owó tó gba báńkì kọjá, lẹ́tà àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó tà á. Ó lè jẹ́ pé àṣẹ́kù ọjà tí àwòrán rẹ̀ ti kọjá àkókò ni iléeṣẹ́ kan tà ní ìdajì owó. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Bí kò bá rí ẹ̀rí mú wá ni wọ́n á tó fi iye ọjà tó bá tirẹ̀ mu gẹ́lẹ́ wé e, tàbí iye ọjà tó jọ ọ́. Àdéhùn náà kò sì gbà kí ìjọba kàn gbé iye kan kalẹ̀ pé ọjà kan kò gbọ́dọ̀ kéré sí èyí. Bí mo ṣe rí i, ibí yìí ni oníṣòwò ti ní ẹ̀tọ́ jù tí kò sì mọ̀: kó béèrè ìdí ní kíkọ sílẹ̀.

Bí ẹ̀rí kò bá sí, ẹ̀rọ ti mọ ọ̀nà tí ó máa darí ìwé yẹn sí. Ọ̀nà aláwọ̀ ewé ni èyí tí ẹrù ń gbà jáde láì tú u. Ofeefee, wọ́n á yẹ ìwé wò. Búlúù, ẹrù á máa lọ, wọ́n á yẹ àkọsílẹ̀ oníṣòwò wò lẹ́yìn. Pupa ni ti kòńténà wa. Wọ́n á ṣí i.

Ibi tí wọ́n ti máa mú bélì ṣe pàtàkì. Ẹni tó to kòńténà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ aṣọ́bodè, bí oòrùn bá ń mú, bélì ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa fà. Ká ní wọ́n fa bélì kan lẹ́nu ọ̀nà: ìdì 25, kílò 41, tòun ti ohun tí wọ́n fi dì í kò pé 43. Ìwé ti sọ pé bélì kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 63. Ọkùnrin tó gbé e lé òṣùwọ̀n ò tíì ka ohun inú rẹ̀ tó ti mọ̀. Bí bélì 40 tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá fúyẹ́ báyìí, a jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́yìn ló gbé ìwọ̀n tó kù. Wọ́n á ní kí àwọn alárù kó ẹnu ọ̀nà kúrò, kí wọ́n wọ inú lọ. Wọ́n á wọn bélì kan láti àárín, kan láti ìdí pátápátá: kílò 65 àti díẹ̀. Wọ́n á tú u, wọ́n á kà á: ìdì 39.

Ẹnì kan á fa òwú díẹ̀ yọ létí aṣọ náà, á ṣáná sí i. Bó bá jẹ́ pólíẹ́sítà, yóò rún, yóò yọ́, yóò dì ní kókó dúdú tó le bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí jó bí ìwé, ó rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ sì fọ́ sí ìka. Òwú ni. Nọ́ńbà ọjà jẹ́ òtítọ́, ìwọ̀n jẹ́ òtítọ́.

Bélì 40 tí ìdì 25 wà nínú rẹ̀, bélì 360 tí ìdì 39 wà nínú rẹ̀: ìdì 15,040. Ìṣirò orí tábìlì ti sọ pé 15,000.